Bí Ọdẹ́gbàmí Ṣe Gbé Ọlọ Olómi Wọ Ìlú Ajẹmáyó

Ẹ bu omi fún mi kí n tó la ẹnu, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kún fún ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun a sì máa gbẹ ọ̀fun. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò máa bi mí pé "Ṣé òótọ́ ni?", kí ó kúkú dìde nísinsìnyí kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ òsì di ìrù ẹfọ̀n mú, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ àkàrà, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní ọdẹ ni, Ọdẹ́gbàmí ará Ìdí-Ọ̀dán, ọkùnrin tí ẹ̀rù kì í bà nínú igbó, tí ohun tí ó rí ní ìrìn-àjò yìí sì dẹ́rù bà títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ.

Láyé ìgbà náà, ọba kan wà tí à ń pè ní Ajẹmáyó. Ìlú rẹ̀ tóbi, ààfin rẹ̀ tóbi, ikùn rẹ̀ sì ju méjèèjì lọ. Ọkà bàbà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó sì ti sọ ọ́ di àṣà pé gbogbo abúlé tí ó wà lábẹ́ òun ni yóò máa fi obìnrin kan ránṣẹ́ sí òun láti máa lọ ọkà. Obìnrin tí ó bá wọlé síbẹ̀ kì í jáde mọ́. Nígbà tí ó kan Ìdí-Ọ̀dán, Ìbídùn, àbúrò Ọdẹ́gbàmí, ọmọbìnrin tí kò tíì délé ọkọ, ni wọ́n mú lọ. Ìyá wọn sunkún títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù lẹ́nu rẹ̀: "Kí n ṣáà fọwọ́ kan ojú Ìbídùn kí n tó kú." Bí Ọdẹ́gbàmí bá pa ẹtu, ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá fi ń kí i. Bí ó bá pa ìgalà, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni.

Nígbà tí ara Ọdẹ́gbàmí kò gbà á mọ́, ó lọ sí ààfin. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lórí ìlà lẹ́yìn ọlọ, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ojú kò rí mọ́, wọ́n ń tì síwájú, wọ́n ń fà sẹ́yìn. Eékún wọn ti wú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti le gbagidi. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ọ̀kan tí ó jọ arúgbó, arúgbó náà sì pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó bẹ̀bẹ̀. Ajẹmáyó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọdẹ, ó rẹ èmi náà pẹ̀lú àwọn obìnrin yìí. Bí wọ́n bá lọ ọkà, wọ́n a jẹ nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣàìsàn, wọ́n a sunkún sínú oúnjẹ mi. Lọ wá ohun tí yóò lọ ọkà ju gbogbo wọn lọ fún mi, tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tí kì í sunkún. Lọ́jọ́ tí o bá gbé e dé ni n óò fa àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá padà wá lọ́wọ́ òfo, ìdí ọlọ ni ìwọ náà yóò kúnlẹ̀ sí."

Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi í jẹ́ tọmọ. Ọdẹ́gbàmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dojú kọ Igbó Àìwẹ̀yìn.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe rìn ín. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ilẹ̀ náà a kérora. Àwọn igi a máa bá ara wọn wíjọ́ lórí ẹni tí yóò wó lù ú. Ní àárín igbó yìí ni iwin kan jókòó sí ojú ọ̀nà, orí rẹ̀ mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ ẹyọ kan, orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń jà sí ẹnu náà.

"Ọdẹ," ni iwin wí, "ó ń jẹun láti ojú, ó ń yà á sílẹ̀ yí ìdí ká. Ọ̀kan sùn, ọ̀kan ń jó lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ fara kanra. Kí ni?"

Ọdẹ́gbàmí ronú, ó ronú, kò mọ̀ ọ́n. Èmi ìbá ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n bi. Iwin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní: "O gbẹ, n kò ní rí nǹkan jẹ lára rẹ. Máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí náà ni ìwọ yóò gbà padà. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, n óò jẹ ọ́ pẹ̀lú gbígbẹ rẹ."

Ó bọ́ sí pápá gbalasa kan tí kò ní igi, tí kò ní odò, tí afẹ́fẹ́ kì í sinmi níbẹ̀. Ó rí ilé onípákó kan lórí òkè, tí ó dúró lórí òpó kan ṣoṣo bí ẹyẹ lékeléke. Ilé náà ní apá mẹ́rin níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju igi àgbọn lọ, aṣọ sì wà lára wọn. Apá wọ̀nyí ń yí. Kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe, afẹ́fẹ́ yí ojú padà, ilé náà pẹ̀lú sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara rẹ̀, òun àti òrùlé àti fèrèsé, títí ó fi kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ọdẹ́gbàmí dojú bolẹ̀. Ó ti rí ẹranko tí ó ń sọ̀rọ̀, ó ti rí òkú tí ó ń ta epo, ṣùgbọ́n kò rí ilé tí ó ń wẹ̀yìn wò rí.

"Dìde nílẹ̀, èmi ni mo tì í," ni ẹnì kan wí. Bàbá arúgbó kan ni, ó dúró lẹ́yìn ilé náà, ó fi èjìká ti igi gbọọrọ kan tí ó yọ jáde láti ìdí ilé. Orúkọ rẹ̀ ni Baba Ẹ̀fúùfù. "Bí mo bá tì í síhìn-ín, ilé a kọjú síbẹ̀. Bí apá kò bá kọjú sí afẹ́fẹ́, kò ní yí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì gba ẹ̀yìn kọ lù ú, ó lè wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀."

Ó mú un gun àkàbà wọlé. Ọdẹ́gbàmí rí ọ̀pá ńlá tí apá mẹ́rin náà ń yí, ó rí àgbá onígi kan lórí ọ̀pá náà tí wọ́n gbin eyín sí létí, eyín náà sì ń gbá àgbá kékeré kan yí, àgbá kékeré náà ni ó sì ń yí òkúta. Ìyẹ̀fun ń bọ́ sínú àpò nísàlẹ̀ bí òjò wẹliwẹli. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tí ó kúnlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Ó bẹ Baba Ẹ̀fúùfù pé kí ó kọ́ òun.

Bàbá kò tíì dáhùn tí ojú ọ̀run fi ṣú. Ìjì dé. Apá wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í sáré títí a kò fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bàbá fa okùn ìjánu, igi bíríkítí tí ó yí àgbá ńlá náà ká sì fún un mọ́ra kí ó lè dúró, ó ń han gooro, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi tí igi ti ń ha igi.

"Tú u sílẹ̀, Baba, iná ń bọ̀!"

"Bí mo bá tú u, òkúta yóò sáré. Bí mo bá dì í, igi yóò jó. Da ọkà sí i, jẹ́ kí òkúta rí nǹkan jẹ, yóò falẹ̀ díẹ̀!"

Wọ́n da ọkà sí i, wọ́n sì ń da omi sí ìjánu títí ìjì fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ ká aṣọ kúrò lára apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe kí ìjì tó dé.

"Ṣé odò wà ní ìlú ọba tí ó rán ọ?" ni bàbá bi í.

"Ó wà, ó ń bọ́ láti orí òkè."

"Ẹni tí ó ní omi kò nílò láti máa bẹ afẹ́fẹ́. Ọ̀gá mi ni afẹ́fẹ́. Bí kò bá fẹ́, n óò jókòó. Bí ó bá fẹ́ jù, n óò sá. Máa lọ bá Ìyá Odòkìísùn, ẹni tí ó ń fi omi lọ ọkà."

Ìlú Ìyá Odòkìísùn wà lẹ́bàá ìṣàn omi. Ohun tí ó kọ́kọ́ ya Ọdẹ́gbàmí lẹ́nu níbẹ̀ ni ọ̀nà ìlú. Ọlọ ni wọ́n tò sílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọlọ láti ẹnu odi dé ọjà, èyí tí ó ti jìn kòtò láàárín nítorí lílò. Ó yọ bàtà rẹ̀, kò lè fi bàtà tẹ̀ wọ́n. Nílé wọn ní Ìdí-Ọ̀dán, ọlọ ìyá ẹni ni wọ́n ń jogún. Obìnrin kan tí ó ru ọkà kọjá fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá ọdẹ, ẹ wọ bàtà yín. A ti fi wọ́n sílẹ̀ tipẹ́. Ọlọ omi ni gbogbo wa ń lò. Bí a bá gbé abọ́ mẹ́rìndínlógún lọ, Ìyá a yọ abọ́ kan fún ara rẹ̀, a ó sì gbé ìyókù lọ sílé kí oòrùn tó kan àtàrí."

"Kí wá ni àwọn tí ń fi ọkà lílọ̀ jẹun tẹ́lẹ̀ ń ṣe?"

"Àwọn kan ń hun aṣọ. Àwọn kan ń ru ọkà bíi tèmi. Àwọn kan jókòó sídìí odi lọ́hùn-ún, wọ́n ń tọrọ." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdẹ́gbàmí rántí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò dúró gbé e yẹ̀ wò.

Ó gbọ́ ariwo nínú ilé ọlọ náà kí ó tó dé ibẹ̀: gbà-gbà-gbà-gbà, láìdúró. Ó yọjú wọlé, kò rí ẹnì kankan. Òkúta ribiti kan ń yí lórí èkejì, àpótí kan tí ọkà kún inú rẹ̀ wà lókè, igi kan sì dúró lórí òkúta tí ó ń yí náà, ó ń gbá ọpọ́n kékeré kan tí ó rọ̀ sábẹ́ àpótí. Bí igi náà bá ti gbá ọpọ́n, ọpọ́n a mì, ọkà díẹ̀ a bọ́. Ẹ̀yin náà mọ Ọdẹ́gbàmí, ẹni tí wọ́n mú àbúrò rẹ̀ lọ. Ohun tí ó rò ni pé ọpọ́n kékeré yìí ni ọmọ inú ilé, wọ́n sì ń fi igi lù ú kí ó má baà sinmi. Àánú ṣe é. "Ó tó, ọmọ mi, sinmi," ni ó wí, ó sì di ọpọ́n náà mú kí igi má lè mì í mọ́.

Ariwo dákẹ́. Ọkà dẹ́kun bíbọ́. Òkúta òkè jẹ èyí tí ó kù lábẹ́ rẹ̀ tán, ó wá fara kan òkúta ìsàlẹ̀. Háà! Igbe tí ó ké, Ọdẹ́gbàmí kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àmọ̀tẹ́kùn rí. Iná ń ta pàrà láti àárín wọn. Òórùn jíjó kún ilé. Obìnrin gíga kan tí ìyẹ̀fun bò láti orí dé ẹsẹ̀ já wọlé bí iwin funfun, ó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọpọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọkà bọ́, igbe sì dákẹ́.

"O fẹ́ jó mi pa," ni Ìyá Odòkìísùn wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ṣé o rí ìyẹ̀fun tí ń fò nínú afẹ́fẹ́ yìí? Bí iná bá ràn án, òrùlé yìí yóò fò lọ. Tí ariwo yẹn bá dákẹ́, ikú ni."

"Ẹ jọ̀wọ́, Ìyá. Mo rò pé wọ́n ń lù ú ni."

Nígbà tí Ìyá Odòkìísùn gbọ́ ìdí tí ó fi rò bẹ́ẹ̀, tí ó gbọ́ ti Ìbídùn àti ti ìyá wọn, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó kọ́ ọ.

Ó mú un lọ sí ìta, ó fi ibi tí wọ́n sé odò sí hàn án, àti ọpọ́n igi gígùn tí ó ń gbé omi wá sórí kẹ̀kẹ́ ńlá. Àpótí kéékèèké yí etí kẹ̀kẹ́ náà ká. Omi a bọ́ sínú èyí tí ó wà lókè, ìwúwo rẹ̀ a fà á wálẹ̀, nígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀ yóò da omi rẹ̀ nù, òfìfo a sì gòkè padà. "Ìwúwo omi ni ó ń ṣiṣẹ́," ni ó wí. "Bí o bá fẹ́ kí ó dúró, ti ilẹ̀kùn omi." Kẹ̀kẹ́ náà ń rọra yí bí àgbàlagbà, ṣùgbọ́n nínú ilé, àgbá eléyín ńlá tí ó wà lórí ọ̀pá rẹ̀ ń gbá èyí kékeré, bí ńlá bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, kékeré a ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Àgbá ńlá dúró lóòró, kékeré dùbúlẹ̀, báyìí ni yíyí tí ó wà lóòró ṣe di yíyí tí ó dùbúlẹ̀. Òkúta ìsàlẹ̀ kò mira. Ti òkè ní ihò láàárín, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ojú rẹ̀. Ọkà a gba ojú wọlé, òkúta méjèèjì a lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun a sì ti etí jáde yí ká. Ààyè tí ó wà láàárín wọn kò ju ìnípọn ewé lọ.

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́gbàmí ti fọwọ́ lu itan. Àlọ́ iwin ni ó dúró níwájú rẹ̀ yìí.

Ó ta kókó sí okùn láti fi wọn gbogbo rẹ̀, ó sì kó okùn náà sínú àpò. Nígbà tí iwin olórí mẹ́ta tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà padà, ó dá a lóhùn: "Ọlọ olómi ni." Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí ebi, Ọdẹ́gbàmí sì kọjá.

Nígbà tí ó dé ìlú Ajẹmáyó, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ọba gbẹ́ ọlọ náà, àwọn alágbẹ̀dẹ rọ ọ̀pá irin rẹ̀, wọ́n gé òkúta, wọ́n la ọ̀nà omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn omi, gbogbo ìlú jáde wá wò ó. Kẹ̀kẹ́ mì, ó kérora, ó yí. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ó ti lọ ọkà tí gbogbo obìnrin ààfin kì bá lọ̀ tán láàárín ọjọ́ púpọ̀. Àwọn obìnrin dìde lórí eékún wọn. Òmíràn kò lè nà tán mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jó bẹ́ẹ̀. Ajẹmáyó fa Ìbídùn lé Ọdẹ́gbàmí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, kò yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnubodè nígbà tí wọ́n gbọ́ akéde. Ọba ní ọkà tí ó wà nílẹ̀ kò tó ọlọ tuntun. Ó ní kí wọ́n fún àwọn obìnrin tí ó kù ní ọkọ́, kí wọ́n lọ máa ro igbó ní oko ọba láti ìdájí dé alẹ́, kí òkúta má baà yí lásán. Ó ní kí gbogbo abúlé kó ọlọ ilé wọn wá, kí wọ́n fọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má lọ ọkà níbòmíràn mọ́ bí kò ṣe níbí, kí wọ́n sì máa fi ìdajì sílẹ̀ fún ọba.

Ọdẹ́gbàmí dúró sójú kan. Nǹkan tí ó gbé la igbó iwin kọjá ni wọ́n ń gbé kọ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn yìí. Ìbídùn wo ẹ̀yìn, ó rí àwọn tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ tí wọ́n ń na ọwọ́ gba ọkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ọlọ tiwa a máa sinmi bí ó bá rẹ̀ wá. Kí ni èyí tí ẹ gbé wá yìí?"

Wọ́n jókòó sí ilé àlejò kan lẹ́yìn odi, nítorí Ìbídùn kọ̀, kò fẹ́ lọ síwájú, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Oṣù kejì kò tíì parí tí ọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹ̀fun ń jáde ní gbígbóná, ó ń lẹ̀, ó ń rùn bí ohun tí ó fẹ́ jó. Wọ́n na àwọn tí ń ṣọ́ ọlọ, kò yí padà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọdẹ́gbàmí. Ìbídùn bá a lọ. Ó bu ìyẹ̀fun, ó fi àtàǹpàkò ra á lórí ìka, ó sì mọ̀. Kí ni obìnrin tí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nídìí ọlọ kò ní mọ̀? Ojú tí òkúta fi ń lọ ọkà ti kú. Àwọn ìlà tí wọ́n gé sí i, tí ó ń gé ọkà tí ó sì ń gbé ìyẹ̀fun jáde, ti dán. Wọ́n ní láti gbé òkúta òkè kúrò, kí wọ́n dojú rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi irin mímú sọ ìlà náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn obìnrin ṣe ń sọ ojú ọlọ ilé kí ó lè mú. Ọdẹ́gbàmí ti na ọwọ́ sí irin nígbà tí àbúrò rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀." Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba. "Kábíyèsí, ó lè padà bọ̀ sípò. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ṣe é, àyàfi èmi. N kò sì ní ṣe é lásán."

Ajẹmáyó gbé ojú sókè. Kò sí obìnrin tí ó bá a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìdí ọlọ. "Bí mo bá bẹ́ orí rẹ ńkọ́?"

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Kábíyèsí. Ebi yóò pa yín."

Ikùn ọba kùn sókè. Gbogbo ìjòyè gbọ́ ọ, wọ́n wo ilẹ̀.

Ohun tí Ìbídùn béèrè ni pé kí ọba gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, kí àwọn ni wọ́n máa ṣe olórí ọlọ náà, kí wọ́n máa yọ abọ́ kan nínú mẹ́rìndínlógún fún ara wọn, kí ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún ní ọlọ nílé rẹ̀ máa lò ó. Ọba béèrè ohun kan padà: kí Ìbídùn tí ó mọ ojú òkúta má kúrò níbẹ̀. Bí ó bá lọ, àdéhùn ti bàjẹ́.

"Mo gbà," ni Ìbídùn wí.

Ọdẹ́gbàmí rò pé etí òun ló ń gbọ́ òdì. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìbídùn, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún Ìyá?"

Omi dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún wọn pé n kò kúnlẹ̀ mọ́." Ó mú irin, ó sì jókòó ti òkúta náà.

Ọdẹ́gbàmí nìkan ni ó padà sí Ìdí-Ọ̀dán. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun kan tí Ìbídùn fi ránṣẹ́ lé ìyá wọn lọ́wọ́, ó rò fún un, kò fi ohun kan pa mọ́. Ìyá kò sunkún. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fi ìka ra ìyẹ̀fun náà, ó ra á. Ó gbé omi kaná, ó ro ọkà, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì fi ìka nu abọ́.

"Ó kúnná ju tèmi lọ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ mi kò sí nínú rẹ̀."

Ọdẹ́gbàmí dorí kodò. Ó ń dúró de ẹkún tí ó mọ̀. Nígbà tí ó gbé ojú sókè, ìyá rẹ̀ ti so gèlè, ó ti mú ọ̀pá, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wá ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá, níbo?"

"Apá ibo ni wọ́n ń gbà lọ sí ìdí ọlọ náà? Ìwọ ni mo ní kí o lọ mú un wá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹsẹ̀ mi kán. Dìde."

Ọ̀gá mi sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tí òun rí láyé, ilé tí ń wẹ̀yìn wò, òkúta tí ń ta iná, iwin olórí mẹ́ta, kò sí èyí tí ó ya òun lẹ́nu tó arúgbó yẹn lójú ọ̀nà, tí kò rí ọ̀nà dáadáa, tí ó sì ń ṣáájú òun. Ó rìn títí ó fi gbọ́ gbà-gbà-gbà-gbà lókèèrè, ó béèrè pé kí ni, wọ́n ní ọlọ ni. Ìbídùn sáré jáde, ìyẹ̀fun bò ó. Ìyá gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ojú rẹ̀, iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, ó ń nu ìyẹ̀fun kúrò títí ó fi kan awọ ọmọ rẹ̀.

Omi mi tán. Kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìn tètè máa lọ.